Kí àtẹ̀jáde yín tó dé ọ̀dọ̀ oníròyìn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń tún un kà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe akọ̀ròyìn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni wọ́n, tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kékeré kan ní Yábàá tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó tí ọ̀gá rẹ̀ ṣàdédé sọ fún pé, "Ìwọ lo mọ̀wé kọ jù níbí, bá wa kọ nǹkan tí a máa fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn." Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn àtẹ̀jáde ilé ìtọ́jú ojú kan ní Yábàá. Èmi ni mo kọ ọ́ fún àlàyé yìí, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì olóòtú rí máa dá irú rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí lẹ ń pè ní kókó ọ̀rọ̀ tó sin?

Òun ni ìròyìn gan-an tí ẹ fẹ́ kí ará ìlú gbọ́. Ó wà nínú àtẹ̀jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tó ń kánjú kò ní kà dé ló wà. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti ilé ìtọ́jú ojú yẹn:

> ILÉ ÌTỌ́JÚ OJÚ TÓ LÓKÌKÍ JÙ LỌ TÚN FI ÌFẸ́ ALÁÌLẸ́GBẸ́ HÀN SÍ ARÁ ÌLÚ
>
> Ní ìbámu pẹ̀lú èrò ribiribi tí olùdásílẹ̀ wa, gbajúgbajà onímọ̀ nípa ojú tí gbogbo ayé ń wárí fún, ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ilé ìtọ́jú wa, tó jẹ́ aṣíwájú nínú lílo ẹ̀rọ ìgbàlódé, tún ti gbé ìgbésẹ̀ mánigbàgbé mìíràn.
>
> Láti ọdún 14 tí a ti dá ilé ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ni a ti ń pèsè ìtọ́jú tó dáńtọ́ fún tolówó-tálákà, láìwo ti ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà.
>
> Gbogbo aráyé ló mọ̀ pé ojú ni ìmọ́lẹ̀ ara. Ìdí nìyí tí a kò fi fi ọ̀rọ̀ ojú ṣeré rárá.
>
> Nígbà tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, olùdásílẹ̀ náà ní, "Inú mi dùn gidigidi pé ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kẹta, a máa yẹ ojú àwọn ọlọ́jà Tẹ̀júoṣó wò lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì fún 200 èèyàn ní gíláàsì ìkàwé láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé ìlera lọrọ̀."
>
> Fún àlàyé síwájú sí i, ẹ kàn sí wa lórí gbogbo ìkànnì wa.

Ìpínrọ̀ kẹrin ni ìròyìn wà. Kò tilẹ̀ dá dúró níbẹ̀. Ó há sí àárín "inú mi dùn gidigidi" àti "ìlera lọrọ̀", nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá. Ẹni tó bá ka àkọlé àti ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ibi tó ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, tàbí ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ṣebí wọ́n ṣáà máa kà á dé ìsàlẹ̀? Iṣẹ́ wọn kọ́ ni?

Rárá o. Orí fóònù ni olóòtú ti máa kọ́kọ́ rí i, láàárín ọ̀pọ̀ ímeèlì mìíràn. Ohun tó máa hàn sí i kò ju àkọlé àti ìlà kan tàbí méjì lọ. Tí ìlà yẹn bá jẹ́ "Ní ìbámu pẹ̀lú èrò ribiribi", ó ti kọjá síbi tó kàn nìyẹn.

Ìdí kejì tún wà. Tí àyè kò bá tó nínú ìwé ìròyìn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gé ìròyìn, nítorí àṣà iṣẹ́ náà ni pé kí ohun tó ṣe pàtàkì jù wà lókè, kí ìyókù máa tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe wúlò sí. Ẹ gé ìpínrọ̀ méjì tó kẹ́yìn kúrò nínú àkọsílẹ̀ òkè yẹn, kí ẹ wo ohun tó kù: ìtàn ọdún 14 àti ìmọ́lẹ̀ ara. Ti rédíò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí Radio Lagos 107.5 tàbí Bond FM 92.9, ìròyìn kékeré kan lè má ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń múra ìròyìn aago mẹ́rin sílẹ̀ kò ní àyè láti wá gbólóhùn mẹ́ta yẹn kiri fún yín.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló dà bíi pé ó ṣe pàtàkì lójú mi. Báwo ni mo ṣe máa rí kókó yẹn?

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ mú bírò pupa. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí: ọjọ́, aago, ibi, iye, orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àti ọ̀rọ̀ ìṣe tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní pàtó. Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ìyìn, ẹ má fà á sábẹ́ èrò ọkàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, bírò pupa kò ní fọwọ́ kan ìpínrọ̀ kìíní àti ìkẹta rárá. Ìkejì máa gba ìlà kan ṣoṣo, ìyẹn "ọdún 14". Ìpínrọ̀ kẹrin máa pupa látòkè délẹ̀. Ibi tí ìlà bá ti ṣù jọ, ibẹ̀ ni ìròyìn wà, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó jẹ́ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ bo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ ka ìyókù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iléeṣẹ́ yín. Tí kò bá pàdánù ohunkóhun, ìpínrọ̀ yẹn kò níṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń fi ìròyìn tó sin hàn bí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n: "bákan náà", "ó tún fi kún un pé", "nígbà tó ń sọ̀rọ̀ síwájú sí i", "ẹ ó rántí pé". Ohun tó bá tẹ̀ lé "ó tún fi kún un pé" ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Níbi tí mo ti ń ka àtẹ̀jáde, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti sábà máa ń bá owó tuntun, ọjọ́ ìpàdé tàbí orúkọ alága tuntun.

Ẹ tún yẹ inú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà fún ìdí tàbí èrò, kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú ọjọ́ àti ibi ìpàdé sí. Tí ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, ẹ yọ ọ́ jáde, kí ẹ fi sínú gbólóhùn tiyín lókè.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ gan-an?

Ta ni, kí ló fẹ́ ṣe, fún ta ni, níbo, ìgbà wo. Ìdí àti bí yóò ṣe rí lè wà nínú ìkejì. Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn kan tó máa mú kí òǹkàwé máa mí hẹlẹ. Gbólóhùn méjì kúkúrú dára ju ọ̀kan gígùn lọ, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ kí rédíò kà á.

Tí ẹ bá ti gbé ìròyìn sókè ni ẹ máa wá rí àwọn àlàfo tó fara pa mọ́ nígbà tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wo "200 èèyàn". Ṣé 200 lójúmọ́ ni, àbí 200 fún ọjọ́ méjèèjì? Ta ló máa gbà á: ẹni tó kọ́kọ́ dé, àbí ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó nílò rẹ̀? Kí ni ẹni kọkànlélúgba máa ṣe, ṣé ó máa sanwó ni? Aago mélòó? Ọjà Tẹ̀júoṣó tóbi, ibo nínú ọjà ni? Ṣé àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì náà lè wá, àbí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nìkan? Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó ṣàkíyèsí, nítorí ìyìn ti gba gbogbo àyè.

Ẹ tún ṣí kàlẹ́ńdà. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́ 11 oṣù kẹta bọ́ sí Ọjọ́rú lóòótọ́ lọ́dún tí ẹ ń kọ ọ́. Tí ọjọ́ àti déètì kò bá bára mu, olóòtú tó gbọ́n kò ní gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì jáde láìpè yín, tí fóònù yín kò bá sì lọ, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ní orúkọ òun àti ìtàn iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdí tí ọ̀pọ̀ kókó fi ń sin nìyí, kì í ṣe àìmọ̀wé. Èmi kì í bá ọ̀gá jiyàn lórí ìlànà. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ ṣí àwọn méjèèjì sórí fóònù, kí ẹ sì fi ohun tó ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ hàn án. Nínú ti àkọ́kọ́, ó máa rí "Ní ìbámu pẹ̀lú èrò". Nínú èkejì, ó máa rí "Àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọlọ́jà Tẹ̀júoṣó". Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀gá tó bá rí i bẹ́ẹ̀ tún máa ranrí mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ìtàn ọdún 14 ní àyè tirẹ̀. Ẹ kó o sínú ìpínrọ̀ ìdánimọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá: ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, ibi tó wà, iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Orúkọ ọ̀gá máa jáde nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ní ìpínrọ̀ kejì tàbí ìkẹta, ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníròyìn ti máa ń mú un.

Tó bá jẹ́ ìròyìn tí kò dára ńkọ́? Ṣé kò sàn kí a rọra fi sísàlẹ̀?

Àwọn tó ń sin ín mọ̀ọ́mọ̀ wà. Àkọlé á ní "Iléeṣẹ́ wa tún fi ìfẹ́ hàn sí àwọn oníbàárà", tí ìpínrọ̀ kẹfà á wá sọ pé owó ti gbéra láti ọjọ́ Ajé. Akọ̀ròyìn Èkó ti mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tó bá rí i, ìròyìn rẹ̀ kì í tún jẹ́ pé owó lọ sókè nìkan, ó ti di pé ẹ fẹ́ fi pamọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àtẹ̀jáde tí ìtàn iṣẹ́ yìí máa ń tọ́ka sí jù, ìròyìn burúkú ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1906, ọkọ̀ ojú irin kan já bọ́ láti orí afárá sínú omi nítòsí Atlantic City ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní 50 sì kú. Ivy Lee, tó ń bá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà ṣiṣẹ́, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn kí àhesọ tó gbòde, ó sì ṣètò bí wọ́n ṣe máa dé ibi ìjàǹbá náà fúnra wọn. New York Times tẹ àtẹ̀jáde náà bó ṣe wà. Àṣà tó gbòde nígbà yẹn ni kí iléeṣẹ́ pa ẹnu mọ́.

Tí owó bá gbéra, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́: iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, iye tó dà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ìyìn wo ló ṣófo, èwo ni kò ṣófo?

Ẹ yí i padà sí òdì kejì. Ṣé ẹnikẹ́ni máa kọ "ilé ìtọ́jú wa tí ìtọ́jú rẹ̀ kò dáńtọ́"? Tí kò bá sẹ́ni tó lè sọ òdì kejì rẹ̀ nípa ara rẹ̀, "tó dáńtọ́" kò sọ nǹkan kan. Ẹ fi wé "ọ̀fẹ́". Òdì kejì rẹ̀, ìyẹn "olówó", wọ́pọ̀ káàkiri. Nítorí náà "ọ̀fẹ́" ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dúró, kódà nínú àkọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ìkàwé" nínú "gíláàsì ìkàwé", torí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo irú gíláàsì ni wọ́n fẹ́ pín.

Nínú àpẹẹrẹ wa, bírò pupa máa pa "tó lókìkí jù lọ", "aláìlẹ́gbẹ́", "ribiribi", "gbajúgbajà", "tí gbogbo ayé ń wárí fún", "mánigbàgbé" àti "gidigidi" rẹ́. Ẹ tún un kà lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ìròyìn kankan tó bá wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́ bíi pé ìjìyà ni. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ìyìn jókòó sórí àga òtítọ́ kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò ráyè béèrè. "Ẹ̀rọ ìgbàlódé" jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀rọ wo? Ẹ lọ bá ẹni tó ń lò ó, kí ẹ bi í. Ká ní ó dáhùn pé ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá inú ẹyinjú ni, pé àrùn kan wà tí ìfúnpá yẹn sábà máa ń bá rìn, tó ń ba ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìdun èèyàn, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí tó fi pẹ́ jù. Ẹ ti rí i báyìí. Gbólóhùn kan nípa ẹ̀rọ yẹn lè mú kí ìyá tó ń ta aṣọ ní Tẹ̀júoṣó, tó rò pé ojú òun kò ní wàhálà, wá fún àyẹ̀wò. "Ìgbàlódé" ti bo ìròyìn tó dára jù lọ nínú gbogbo àtẹ̀jáde yẹn mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè "mélòó?", "èwo?" tàbí "ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" lórí ọ̀rọ̀ ìyìn kọ̀ọ̀kan kí n tó pa á rẹ́. Tí ìdáhùn bá wà, ìdáhùn yẹn ló máa rọ́pò rẹ̀. Tí kò bá sí, a ó gé e.

"Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Èkó" ńkọ́? Òótọ́ ni o!

Ta ló kà á? Èkó kún, tí ẹnì kan ní Múṣìn bá sì ti ṣe irú rẹ̀ rí, òun ló máa kọ́kọ́ pe rédíò. Tí ẹ bá ní ẹ̀rí, ẹ dárúkọ ẹ̀rí náà nínú gbólóhùn kan náà. Tí ẹ kò bá ní, ẹ kọ "ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé ìtọ́jú wa máa ṣe é", èyí tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Tí mo bá yọ "Olóyè", "Alàgbà" àti "Dókítà" kúrò lórí orúkọ èèyàn, ṣé kì í ṣe àrífín nìyẹn? Yorùbá ni wá o.

Ẹ má yọ gbogbo rẹ̀. Oyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn òfìfo, ó ń sọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Tí ìjòyè Ìsàlẹ̀ Èkó kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò rẹ̀, oyè rẹ̀ gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà níwọ̀n, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí i. Ohun tí mo ń sọ ni títo oyè lé ara wọn tó fi jẹ́ pé orúkọ gan-an ò hàn mọ́. Ẹ mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jáde mu. Nínú àyẹ̀wò ojú, "Dókítà" ló yẹ. Tó bá jẹ́ ìfinijoyè ni, oyè ìbílẹ̀ ló ṣíwájú. "Gbajúgbajà" àti "ìlú-mọ̀-ọ́n-ká" kì í ṣe oyè, a kì í fi èèyàn jẹ wọ́n, ẹ gé wọn.

Fún àwọn oníṣègùn, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: ìlànà iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà kò fẹ́ kí dókítà máa polówó ara rẹ̀. "Tó lókìkí jù lọ" lè di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ṣé mo lè kó ìyìn sínú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn?

Ẹ lè ṣe é tí ẹni náà bá sọ ọ́ lóòótọ́, tó sì ní ìdí tó fi sọ ọ́. Ìyálọ́jà tó bá ní àwọn èèyàn òun ti ń wá bàtìrì sí tọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó lè ka ìwé ìṣirò owó, ó ti ṣe ju "ìgbésẹ̀ mánigbàgbé" lọ. Ẹ má bá èèyàn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ wá sọ pé òun ló sọ ọ́. Ẹ kà á fún un, kó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Kí ló burú nínú "ẹ kàn sí wa lórí gbogbo ìkànnì wa"?

Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Akọ̀ròyìn kò fẹ́ kàn sí iléeṣẹ́, èèyàn kan pàtó tó lè dáhùn ìbéèrè lónìí ló ń wá. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà kò pọ̀: orúkọ ẹni náà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ipò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù tó máa lọ, ímeèlì tó máa ń ṣí, àti aago tí wọ́n lè pè é. Tí ẹnì kejì bá wà tó lè dáhùn bí ẹni àkọ́kọ́ bá wà nínú ìpàdé, ẹ fi tirẹ̀ náà sí i.

Ohun tí ẹ máa ṣe láti yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ gba fóònù ẹlòmíràn tí kò tọ́jú nọ́ńbà yẹn, kí ẹ máa wo ojú ìwé, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ orúkọ lórí fóònù tiyín, torí nọ́ńbà tí ẹ tọ́jú pamọ́ ló máa pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé. Kí ẹ tó pè é pàápàá, ẹ ka iye ẹyọ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ 11 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Tí ẹ bá kọ ọ́ pẹ̀lú +234, 0 yẹn á kúrò, ẹyọ 10 ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí àtẹ̀jáde tí ẹyọ kan ti jábọ́, tàbí tí wọ́n kọ +2340, tí gbogbo iléeṣẹ́ sì ń wo fóònù pé kò sẹ́ni tó pè.

Lẹ́yìn tó bá dún, ẹ gbọ́ ẹni tó máa gbé e. Tó bá jẹ́ ọmọ tó wà níwájú káńtà tó ní, "Àyẹ̀wò wo? A ò gbọ́ o," ẹ kò tíì ṣe tán. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí àtẹ̀jáde máa jáde, kó ní ẹ̀dà rẹ̀ níwájú, kó sì mọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí mo tò sókè yẹn. Kó gbà pẹ̀lú pé kí ẹ fi nọ́ńbà òun síta. Èmi fara mọ́ ọn kí iléeṣẹ́ ní láìnì kan fún èyí, kì í ṣe nọ́ńbà ilé ẹnikẹ́ni.

Ó wà nísàlẹ̀ ìwé tó ní orúkọ iléeṣẹ́ wa lókè. Ṣé kò tó?

Bóyá ni ẹnikẹ́ni máa rí i. Tí ẹ bá fi PDF ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ àárín ni olóòtú máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán ìsàlẹ̀ ìwé kò ní bá a wá. Tí ẹlòmíràn bá tún ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́, tó sì fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù, ojú ìwé kejì ti sọnù nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ gidi lẹ́yìn ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, kí ẹ sì lẹ gbogbo àtẹ̀jáde mọ́ inú ímeèlì fúnra rẹ̀. Fáìlì lè tẹ̀ lé e.

Ṣé nọ́ńbà tí oníròyìn máa pè náà ni kí ará ìlú máa pè?

Rárá, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í rántí èyí. Ọlọ́jà fẹ́ mọ ibi tó máa wá àti aago tó máa wá. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn gan-an, torí ẹ fẹ́ kí wọ́n kà á lórí rédíò. Nọ́ńbà oníròyìn wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àkọlé tirẹ̀ pé "Fún àwọn oníròyìn nìkan". Tí ẹ kò bá yà wọ́n, wọ́n lè ka fóònù akọ̀wé yín síta fún gbogbo Èkó. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń béèrè "ṣé gíláàsì ṣì kù?" kò ní jẹ́ kí akọ̀ròyìn kankan rí i bá sọ̀rọ̀.

Báwo ni ti ilé ìtọ́jú ojú yẹn ṣe máa wá rí?

Lẹ́yìn tí a bá ti béèrè gbogbo ohun tó yẹ, ó lè rí báyìí:

> Àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọlọ́jà Tẹ̀júoṣó ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀
>
> Ilé ìtọ́jú ojú kan ní Yábàá máa yẹ ojú àwọn ọlọ́jà Tẹ̀júoṣó wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kẹta. Iwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni wọ́n ti máa ṣe é, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó ń tajà lẹ́bàá títì ló lè wá, kò sì sí ìforúkọsílẹ̀ ṣáájú.
>
> Àyẹ̀wò náà kan wíwọn ìfúnpá inú ojú. Gíláàsì ìkàwé 200 ló wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méjèèjì, 100 lójúmọ́, fún àwọn tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n nílò rẹ̀. Tó bá tán, àyẹ̀wò ṣì máa jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gíláàsì máa ra tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà, gbólóhùn kan tàbí méjì, lórí ìdí tó fi yan àwọn ọlọ́jà. Ìpínrọ̀ ìdánimọ̀ tẹ̀ lé e, níbi tí ọdún 14 máa wà, ká tó wá kan àwọn tí oníròyìn lè pè. Nínú ti gidi, orúkọ ilé ìtọ́jú máa rọ́pò "ilé ìtọ́jú ojú kan". Apá tí ẹ rí lókè yìí kúrú sí ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó sọ púpọ̀ sí i.

Ta ló yẹ kó kà á kẹ́yìn?

Kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́, kì í sì í ṣe ọ̀gá. Ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ètò náà, kódà kó jẹ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó dá a padà fún yín, kó wá fẹnu sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ibi àti ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀. Níbi tó bá ti kọsẹ̀, ẹ padà síbẹ̀.

Mo ti fi ránṣẹ́ kí n tó rí i pé nọ́ńbà ò pé. Ṣé kí n dákẹ́?

Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí gbogbo àwọn tó gba ti àkọ́kọ́. Kí ìlà àkọlé ímeèlì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ÀTÚNṢE", kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tó yí padà: "Nọ́ńbà fóònù inú àtẹ̀jáde tí a fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí kò pé, èyí tó péye rèé." Ẹ lẹ gbogbo àtẹ̀jáde náà mọ́ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí olóòtú má baà ní láti wá ti àkọ́kọ́ kiri. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tàbí ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni ẹ ṣe àṣìkọ rẹ̀, ímeèlì nìkan kò tó. Ẹ pe àwọn rédíò, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un kà nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́.